Láti ẹnu pọ́ńpù dé ẹnu ọmọ

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ṣábẹ ni mí, ẹnjiníà omi ni mí, Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Ọdún 6 ni mo ti fi ń ṣe fọ́ràsì, kànga oní-pọ́ńpù tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́, kiri abúlé. Mo fẹ́ lọ ṣe dókítọ́rà nínú ìlera aráàlú, wọ́n ní kí n kọ ojú ewé 2 nípa ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi iṣẹ́ ẹnjiníà yẹn pamọ́, torí wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ìlera. Èkejì ní kí n kọ nípa àbúrò mi tí onígbáméjì pa, pé ìyẹn ló máa wọ̀ wọ́n lára. Ohun tí mo kọ nìyí, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?”

Àbúrò, o ṣé tó o fi ránṣẹ́, mo ka ojú ewé méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó sọ ohunkóhun, o kú ará fẹ́ra kù àbúrò ẹ, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa wá síwájú, mi ò ní fò ó, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ibòmíì bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bá ọ̀rẹ́ ẹ kìíní lọ, mi ò sì bá èkejì lọ. Ẹnjiníà ni èmi náà kí n tó bọ́ sínú ìwádìí ìlera, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ irú ìwé yìí wọ́n ò gbà mí, lẹ́yìn ọdún méjì tí mo tún un kà ni mo wá rí ìdí ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ìlú wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ ka irú ìwé yìí dáadáa, pàápàá àwọn ẹnjiníà, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Dókítọ́rà, iṣẹ́ ẹni tó ń wá nǹkan tí kò tíì mọ̀ ni. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn kó tó dé ibẹ̀, kí ló fẹ́ wá fi ọdún mẹ́rin ṣe?

Wo bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ tìẹ, mo tún un kọ síbí kó o lè fi ojú ẹlòmíì wò ó: “Láti kékeré ni mo ti ní ìfẹ́ sí ìlera àwọn èèyàn mi. Gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà mo ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní omi tó mọ́, mo sì mọ̀ pé omi ni orísun ìlera. Pẹ̀lú dókítọ́rà yìí mo fẹ́ fòpin sí ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọdé ní Bẹ̀nẹ̀.” Mo mọ̀ pé òótọ́ inú ẹ lo fi kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ka ìwé ẹnjiníà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn, iyèméjì kan ti wà lọ́kàn ẹ̀ kó tó ṣí i, ìyẹn ni pé ṣé ẹni yìí mọ̀ pé ara èèyàn kì í ṣe páìpù. Nídìí páìpù, bó o bá ṣí rọ́bìnẹ̀ omi á dé òdìkejì, bí kò bá dé ó ní ibi tó ti ń jò, wàá wá ibẹ̀ wàá dí i. Gbólóhùn ẹ kẹta ń sọ fún un pé bó o ṣe ń rò ó nìyẹn, pé omi tó mọ́ wọlé, ìgbẹ́ gbuuru jáde, ó parí. Àwọn tó máa ka ìwé ẹ mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti dán an wò, owó tabua ni wọ́n sì fi dán an wò.

Ìwádìí ńlá mẹ́ta wà tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ omi àti ìlera gbọ́dọ̀ ti kà kó tó mú bírò. Méjì ń jẹ́ Wọ́ṣì Bẹ́nẹ́fìtì, ọ̀kan ní Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì ọ̀kan ní Kẹ́ńyà, èsì wọn jáde ní 2018. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ Ṣáìnì, Sìmbábúwè ni wọ́n ti ṣe é, tiẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dáa, ibi ìfọwọ́, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe lò ó, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọn ò fún. Ìdàgbàsókè ọmọ ni wọ́n ń wò àti ìgbẹ́ gbuuru. Kò síbì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí omi àti ìmọ́tótó yìí ti mú káwọn ọmọ ga ju àwọn yòókù lọ. Ìgbẹ́ gbuuru dín ní Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì, kò dín ní Kẹ́ńyà, kò dín ní Sìmbábúwè. Mi ò sọ pé omi ò wúlò o, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ ọ́ lónìí pé òun á gbé omi dé, ìgbẹ́ gbuuru á tán, ńṣe ló ń fi hàn pé òun ò tíì gbọ́ ohun tí gbogbo ilé ń jiyàn lé lórí.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé ohun tó yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ, ojú ewé kejì, ìlà kẹjọ, o gbé e gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. O ní ní 2021 ẹ gbẹ́ fọ́ràsì kan sí abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ, láàbù yẹ omi ẹ̀ wò, ó mọ́, ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e o padà lọ tún pọ́ńpù ṣe, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ibẹ̀ wá sọ fún ẹ pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá nítorí ìgbẹ́ gbuuru ò dín. O kọ ọ́, o sì kọjá lọ sórí àwọn sọfitíwíà tó o mọ̀ ọ́n lò. Àbúrò, ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ wà. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ tó o mọ̀ dé òpin tí nǹkan míì sì bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ sì fẹ́ mọ̀ ni ohun tó o ń rò lọ́kàn ẹ bó o ṣe ń gun ọ̀kadà padà sílé.

Jẹ́ ká tú u wò pọ̀, torí bí ìwọ fúnra ẹ ò bá rí ohun tó wà nínú ẹ̀, o ò ní lè kọ ọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé omi yẹn lé wọn lọ́wọ́, láàbù ní kò sí kòkòrò ìgbẹ́, ìyẹn ìkólì, kankan nínú mìlílítà 100, bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe fẹ́ kó rí náà nìyẹn. Àmọ́ ibo lẹ ti bu omi tí wọ́n yẹ̀ wò? Ẹnu pọ́ńpù. Ta ló ń mu omi lẹ́nu pọ́ńpù? Obìnrin ló bu ú sínú bídọ̀n tàbí abọ́, ó rù ú délé, ó dà á sínú ìkòkò amọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù, ó wà níbẹ̀ ọjọ́ kan ọjọ́ méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta fi kọ́ọ̀pù bu ú tòun tọwọ́ tó fi ń ṣeré nílẹ̀. Ó ti pẹ́ táwọn oníwàdìí ti rí i ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pé omi tó mọ́ níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n sábà máa ń ní kòkòrò nígbà tó bá fi máa dé ẹnu. Ìwọ gan-an tó o jẹ́ ẹnjiníà, o mọ ìdí kan tí dókítà lè má tètè rántí: omi fọ́ràsì tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà kì í ní kilorínì, oògùn apakòkòrò, nínú. Nínú omi ẹ̀rọ ìlú, ó yẹ kó ṣẹ́ kù tó mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan nígbà tó bá máa dé rọ́bìnẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń ṣọ́ omi lọ́nà. Omi fọ́ràsì ò ní olùṣọ́ kankan, ọwọ́ àkọ́kọ́ tó bá kàn án ti ṣe tiẹ̀.

Ìdí kejì tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kí ló gbé ẹ padà lọ? Pọ́ńpù bàjẹ́! Ọjọ́ mélòó ló fi bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀? Nínú ọjọ́ yẹn, omi wo ni wọ́n ń mu? Odò ni, tàbí kànga tí ò ní ìdérí, ìgbà òjò sì ni, tí gbogbo ìdọ̀tí ilẹ̀ ń ṣàn wọnú ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ohun tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ ni pé abúlé yìí ní fọ́ràsì, abúlé yìí ò ní. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán. Ìwọ mọ̀ pé abúlé kan lè ní fọ́ràsì kó sì má ní omi fún oṣù méjì gbáko lọ́dún. O sọ pé o ní ìwé tó o ti ń kọ ọjọ́ tí pọ́ńpù kọ̀ọ̀kan bàjẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ tún un ṣe. Ìwé yẹn, ohun tó o pè ní “ìrírí nínú àbójútó ẹ̀rọ” lójú ewé kìíní, òun gan-an ni ohun ìní tó o ní jù tí dókítà tó ń béèrè fún àyè kan náà ò ní. Ìyẹn ni mi ò fi bá ọ̀rẹ́ ẹ tó ní kó o fi iṣẹ́ ẹ pamọ́ lọ. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ẹ kó o tó sọ pé wàá lò ó fún ìwádìí, kí wọ́n fún ẹ ní ìwé àṣẹ, torí ìwé tiwọn ni, kì í ṣe tìẹ.

Apá kejì nínú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ló le jù, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti mọ̀ bóyá o ti ń ronú bí oníwàdìí ìlera. Ó ní àwọn ọmọ ò dín. Ṣé òótọ́ ni? Ó lè jẹ́ pé wọ́n dín, àmọ́ ìgbà òjò lo lọ, ìgbẹ́ gbuuru máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú àsìkò, bó o bá fi oṣù yẹn wé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa dà bíi pé nǹkan burú sí i. Ó lè jẹ́ pé àìsàn dín, àmọ́ ọ̀nà tẹ́ ẹ là kí mọ́tò fọ́ràsì lè wọlé ló mú kó rọrùn láti gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn, àwọn tí ì bá jókòó sílé tẹ́lẹ̀ ti ń wá. Ó sì lè jẹ́ pé ìdajì àwọn ọmọ yẹn, abúlé kejì ni wọ́n ti wá, wọn ò mu omi ẹ rí. Ìwé ilé ìwòsàn ò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn fún ẹ. Kò sí ibi tí wọ́n kọ iye ọmọ tó wà lábúlé sí, ẹni tó bá wá nìkan ni wọ́n kọ.

Bó o bá wá ní o fẹ́ fi abúlé tó ní fọ́ràsì wé èyí tí kò ní, ìṣòro míì tún yọ. Ìwọ fúnra ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yan abúlé. Ní ẹkùn Ṣábẹ òkúta ló wà nísàlẹ̀, ibi tí òkúta bá ti sán ni omi wà, abúlé tí ilẹ̀ ẹ̀ ò bá sán wọ́n á gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kò ní rí omi. Abúlé tó bá sì ní ọmọ tó wà ní ìdí ìjọba, tàbí tí wọ́n lè tètè kó owó jọ, òun ló máa kọ́kọ́ gba. Abúlé tó ní owó àti èèyàn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ lè ti máa jẹun dáadáa ju àwọn yòókù lọ kí omi tó dé. Bó o bá wá rí i pé ara àwọn ọmọ ibẹ̀ le, ṣé omi ni àbí owó? Ti òkúta yẹn yàtọ̀ o. Òkúta ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Nínú àwọn abúlé tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ wọn, àwọn tó rí omi àtàwọn tí ò rí lè jọra ju bó o ṣe rò lọ, ẹni tó ń ṣe ìwádìí máa ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì. Mi ò sọ pé kó o fi ṣe tẹ́ẹ̀sì dókítọ́rà ẹ, ó ní àwọn ibi tó ti lè dà rú, bíi kí abúlé tí kò rí omi lẹ́ẹ̀kan tún ní owó láti gbẹ́ òmíì. Mo kàn fẹ́ kó o rí i pé ohun tó o mọ̀ nípa ilẹ̀ lè di ìbéèrè nípa ìlera láìjẹ́ pé o sọ ara ẹ di dókítà.

Bí màá ṣe tún ìpínrọ̀ kìíní ẹ kọ nìyí, ó kù sí ẹ lọ́wọ́ láti fi ọ̀rọ̀ tìẹ pààrọ̀ tèmi:

“Ní 2021, mo darí iṣẹ́ fọ́ràsì kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ. Lọ́jọ́ tá a gbé e lé wọn lọ́wọ́, láàbù ò rí kòkòrò ìgbẹ́ kankan nínú omi ẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, pọ́ńpù bàjẹ́, mo padà lọ tún un ṣe, nọ́ọ̀sì abúlé sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ò dín. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a lóhùn. Mi ò mọ iye ọmọ tó wà lábúlé, mi ò mọ èyí tó ń mu omi wa nínú wọn, mi ò sì mọ omi tí wọ́n mu ní gbogbo ọjọ́ tí pọ́ńpù fi bàjẹ́. Gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ́ láti wọ̀n, ẹnu pọ́ńpù ló parí sí. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ẹnu pọ́ńpù dé ẹnu ọmọ.”

Kò sí ìfẹ́ láti kékeré níbẹ̀, kò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹni tó kà á á sì mọ̀ pé ìfẹ́ wà. Iṣẹ́ ẹ wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé o ń polówó ẹ̀. Ohun tí o ò mọ̀ wà níbẹ̀, o sọ ọ́ pàtó, o ò sọ pé “mo nílò láti mú ìmọ̀ mi gbòòrò sí i”, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ. Jọ̀ọ́, ohun kan ṣáá o: kọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nìkan. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá lo ọ̀rọ̀ míì, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni kó o kọ. Má kọ orúkọ ẹ̀, má kọ orúkọ abúlé tí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi mọ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Wọ́n lè bi ẹ́ nípa ìpínrọ̀ yìí ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí náà múra láti dáhùn báyìí: “Ìgbẹ́ gbuuru, kí lo pè ní ìgbẹ́ gbuuru?” Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ọmọ yàgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹnjiníà tó bá mọ ìyẹn, tó sì mọ̀ pé bí o bá bi ìyá ọmọ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lè ti gbàgbé, tàbí kó sọ ohun tó rò pé inú ẹ máa dùn sí torí ìwọ lo gbé omi wá, iyèméjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á ti kúrò lọ́kàn wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ wàyí. Ibi tó o bá ti ń béèrè ló máa sọ bó o ṣe máa ṣe é. Lọ́dọ̀ wa níbí àti ní Faransé, lẹ́tà mọ́tífásíọ̀n tó ń sọ ìdí tó o fi fẹ́ wá, àti pùrójẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ̀sì tó ń sọ ìwádìí tó o fẹ́ ṣe, ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, lẹ́tà yẹn kì í gùn, kò sí àyè ìtàn nínú ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé ara ẹni máa ń wà lọ́tọ̀, ètò ìwádìí máa ń wà lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àlàyé ohun tó o fẹ́ wá ṣe ni wọ́n ń béèrè, àwọn yunifásítì kan á tún ní kó o kọ ìtàn ayé ara ẹ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ní àyè jù. Fún ojú ewé 2 tí wọ́n ní kó o kọ yìí, ìmọ̀ràn mi ni gbólóhùn kan, ó pẹ́ jù méjì, kó sì wà láàárín ìwé, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: “Onígbáméjì pa àbúrò mi, torí náà mi ò lè ka nọ́ńbà inú ìwé ilé ìwòsàn bíi nọ́ńbà lásán.” Lẹ́yìn ìyẹn, padà sórí iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ ní ìyẹn ló máa wọ̀ wọ́n lára. Ó lè wọ̀ wọ́n lára lóòótọ́, àmọ́ àánú ò sọ fún wọn bóyá wàá lè parí tẹ́ẹ̀sì. Bí o ò bá sì fẹ́ kọ ọ́ rárá, má kọ ọ́. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ikú àbúrò ẹ.

Sọfitíwíà mẹ́sàn-án tó o kà kalẹ̀ yẹn, yọ wọ́n, sẹ́fẹ́ ẹ, ìwé tó o ka ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ẹ sí, ni ibùgbé wọn. Èyí tó yẹ kó wà nínú ìwé yìí ni iṣẹ́ kan tó o fi dátà ṣe, kó o sọ ọ́ tán: ohun tó o wọ̀n, bó o ṣe wọ̀n ọ́n, ibi tó ti fẹ́ tàn ẹ́ jẹ. Má sì ṣe bíi pé sitatisitíìkì tó o kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti tó. Tiwa níbẹ̀, ẹ̀rọ tàbí omi la ń wọ̀n, àṣìṣe ẹ̀ kéré, a lè tún un wọ̀n nígbà mẹ́wàá. Ọmọ tó ṣàìsàn lánàá o ò lè tún un wọ̀n lónìí, ọmọ méjì nínú ilé kan náà ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń mumi, o ò lè kà wọ́n bíi pé wọn ò mọ ara wọn. Kọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé o mọ ibi tí ìmọ̀ ẹ dé, lẹ́yìn náà sọ ohun tó o ti ń ṣe nípa ẹ̀. Bó o bá ti kọ́ ẹpidẹmiọ́lọ́jì díẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ bí àìsàn ṣe ń tàn láàárín aráàlú, kọ orúkọ kọ́ọ̀sì náà. Bí o ò bá tíì kọ́ ohunkóhun, bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, má kọ ọ́ bíi pé o ti kọ́ ọ.

Ní ti máàkì ọdún kejì tó o fi ìpínrọ̀ kan gbáko tọrọ àforíjì lé lórí, gbólóhùn kan ti tó, má tọrọ àforíjì, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó o sì kọjá.

Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, níbi tó o ti ní yunifásítì wọn jẹ́ èyí tó lókìkí láyé, wọ́n ti mọ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ẹni tó o fẹ́ bá ṣiṣẹ́ àti ìdí ẹ̀. Ka iṣẹ́ ẹ̀ méjì, ka ibi tó ti ń sọ àléébù ìwádìí ẹ̀ fúnra ẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ohun tó kù tí wọn ò tíì lè wọ̀n. Bí àléébù yẹn bá jẹ́ pé wọn ò mọ ìgbà tí pọ́ńpù ń bàjẹ́, ìwọ lo ní ìwé ẹ̀ lọ́wọ́. Kọ méèlì kúkúrú sí i kó o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí yunifásítì, ìlà mẹ́jọ tó, béèrè bóyá ó ń gba ọmọ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn wá ẹlòmíì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dùn náà. Ìwé yìí ní ohun tí agbára ẹ̀ ò ká. Níbi tí wọ́n bá ti ní dandan kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà láti darí ẹ, bí kò bá sí ẹni tó gbà, bó o ṣe wù kó o kọ ọ́ dáadáa tó, wọn ò ní kà á. Bí owó ò bá sí, ìwé yìí ò ní mú owó wá fúnra ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sì ti béèrè másítà nínú ìlera, tìẹ tó jẹ́ ti omi lè má tó. Ohun tó mú mi ronú nípa tìẹ ni pé mi ò rí kọ́ọ̀sì ẹpidẹmiọ́lọ́jì kankan nínú ìwé ẹ. Ọ̀nà kan ni kó o lọ ṣe másítà ìlera aráàlú kọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ wa níbí ní Wídà, o ò ní láti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Ó máa gba àsìkò, ó máa gba owó, o sì ti ní ìdílé. Ọ̀nà kejì ni kó o béèrè tààrà, kó o wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ ẹ̀ wà láàárín omi àti ìlera, irú wọn máa ń mọ iyì ẹnjiníà, wọ́n á ní kó o kọ́ kọ́ọ̀sì tó kù nígbà tó o bá débẹ̀. Èmi, ọ̀nà kìíní ni mo gbà, inú mi dùn pé mo gbà á, torí inú másítà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè tí mo gbé wá látilé ti ní ìdáhùn tipẹ́, mo sì wá òmíì. Ìbéèrè tìẹ yìí lágbára ju tèmi ìgbà yẹn lọ. Bí mo bá wà ní ipò ẹ, màá béèrè tààrà lọ́dún yìí ní ibi méjì mẹ́ta, màá sì mú ìwé tí màá fi béèrè ní Wídà dání bí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣe é ṣe.

Kó o tó kọ ọ́ ní Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, fi Nàgó sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé, ìyá ẹ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin, ẹni tó ń pọn omi. Sọ fún un pé fọ́ràsì mọ́, ọmọ ṣì ń ṣàìsàn, o fẹ́ mọ ìdí ẹ̀. Mo ṣe é nígbà tèmi, ìyá mi bi mí pé: “Ìkòkò tí wọ́n ń bu ú sí ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí. Fi ìpínrọ̀ kìíní nìkan ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú, kó o fi déètì ọjọ́ tí pọ́ńpù yẹn bàjẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ tún un ṣe sí i, bó o bá ṣì ní in.